Ẹ Má Fi Àwòrán Há Ọ̀rọ̀ Lọ́fun

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí láti Etikan, ní etíkun Ìlàjẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́:

"Ẹ̀gbọ́n wa àtàtà, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Etikan. Àwa ọ̀dọ́ díẹ̀ ní etíkun Ìlàjẹ pinnu pé a ó máa ya àwòrán gbogbo ibi tí omi òkun ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, kí àwọn tí ń bẹ ní Àkúrẹ́ àti ní Èkó lè fi ojú ara wọn rí i. A fẹnu kò sí háṣítáàgì kan tí gbogbo wa yóò máa kọ sábẹ́ àwòrán. A fi ìgbì omi sí àárín rẹ̀ kí ó lè fa ojú mọ́ra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akọ̀ròyìn kan pè wá láti Èkó. Ó ní òun wá àwòrán wa títí, mẹ́rin péré ni òun rí. Ẹ̀gbọ́n wa, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni a gbé jáde! Ó ní nígbà tí òun tẹ háṣítáàgì tí ó wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àárín àwọn ará Kàbbà tí ń jó níbi ìgbéyàwó ni ó gbé òun lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni a ṣe tí kò dára?"

Àbúrò mi olùkọ́, ẹ kò ṣe ohun búburú kan. Àwòrán kékeré kan ṣoṣo ni ẹ fi sí ibi tí kò yẹ. Háṣítáàgì tí ẹ kọ nìyí, bí ẹ ṣe fi ránṣẹ́ sí mi:

```
#Okun🌊Ilaje
```

Kí a tó dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò mọ bí ọ̀ràn ti rí bá wa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Háṣítáàgì ni ọ̀rọ̀ tí a fi àmì # ṣáájú. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Chris Messina ni ó dá a lábàá lórí Twitter ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 2007. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn wí lórí ọ̀ràn kan sí ojú kan. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tí ó ru orúkọ kan náà ni yóò jáde síta. Ẹ fi wé ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ní ọjà Ìgbókòdá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹja mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun yóò gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́ja kan bá gbé igbá rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ aláṣọ, ẹja rẹ̀ lè dára ju ti gbogbo ọjà lọ, kò sí ẹni tí yóò bá a níbẹ̀.

Ìmójì ní tirẹ̀ ni àwọn àwòrán kéékèèké tí ó wà nínú fóònù, ojú tí ń rẹ́rìn-ín, ọkàn pupa, ẹja, ọkọ̀ ojú omi, ìgbì. Àwọn ará Japan ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Lójú tiwa, àwòrán ni. Lójú ẹ̀rọ, àmì kan ni bí lẹ́tà ti jẹ́ àmì, ó sì ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ ni pé gbogbo ilé kọ́ ni ó gba àmì yìí gẹ́gẹ́ bí ara ọ̀rọ̀.

Lórí X, èyí tí a ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀, lẹ́tà, nọ́ḿbà àti ìlà ìsàlẹ̀ tí ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ ni a gbà láàyè nínú háṣítáàgì. Bí ẹ̀rọ bá ti kan ìmójì, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Nítorí náà, nínú #Okun🌊Ilaje, #Okun nìkan ni ó di àwọ̀ búlúù tí ó sì ṣeé tẹ̀. Ìgbì dúró gẹ́gẹ́ bí àwòrán lásán, Ilaje sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Orúkọ ìlú tí ẹ torí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí ni ẹ̀rọ gé sọnù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ bá mi ṣe ìyókù. Ẹ kọ "okun" láìsí àmì ohùn, kí ẹ sì wo iye ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Òkun tí a ń pẹja nínú rẹ̀ ni. Okùn tí a fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté ni. Okun inú tí ń mú ara le ni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Okun ni orúkọ tí a ń pe àwọn ará wa Yorùbá tí ń bẹ ní ìpínlẹ̀ Kogí, àwọn ará Kàbbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, nítorí ìkíni wọn tí a fi ń dá wọn mọ̀. Àwọn náà ń kọ #Okun sábẹ́ ayẹyẹ wọn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Akọ̀ròyìn yín kò ṣìnà. Ojú ọ̀nà tí ẹ là fún un ni ó tọ̀, ọ̀nà náà sì gbé e dé ibi ijó.

Ọ̀rọ̀ Instagram yàtọ̀. Láti oṣù Épírì ọdún 2015 ni àwọn yẹn ti gba ìmójì láàyè nínú háṣítáàgì, ìbáà jẹ́ òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú lẹ́tà. Níbẹ̀, gbogbo #Okun🌊Ilaje ni yóò di búlúù. Ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé iṣẹ́ ti dé ojú rẹ̀. Àmọ́ níbẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn kejì wà. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé bí a bá yí àmì orí "ọkọ́" padà, ó lè di "ọkọ̀", ọ̀rọ̀ mìíràn sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìmójì ṣe ń ṣe sí háṣítáàgì. #Okun🌊Ilaje jẹ́ ìsọ̀ kan. #Okun💧Ilaje, tí ó ní ẹ̀kán omi, jẹ́ ìsọ̀ mìíràn. #OkunIlaje tí kò ní àwòrán kankan jẹ́ ìsọ̀ kẹta. Ọ̀kan kò mọ èkejì rí.

Mo kọ̀wé padà sí àbúrò mi yìí pé kí ó jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ka gbogbo àwòrán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ ohun tí ó bá níbẹ̀ fún mi. Èsì rẹ̀ nìyí. Nínú àwòrán 64, 30 ni wọ́n gbé sórí X, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sínú #Okun. 34 ni wọ́n gbé sórí Instagram. Nínú ìwọ̀nyí, 22 ní ìgbì láàárín. 8 ní ẹ̀kán omi, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn kò tètè rí ìgbì lórí fóònù rẹ̀, ó sì mú èyí tí ó sún mọ́ ọn. 4 tí ó kù kò ní nǹkan kan láàárín, nítorí pé arákùnrin tí ó kọ ọ́ kánjú. Akọ̀ròyìn náà, nígbà tí ó wá lórí Instagram, orúkọ tí a sọ fún un lórí fóònù ni ó tẹ̀, "OkunIlaje". Àwòrán mẹ́rin ti oníkánjú ni ó rí. Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò ṣe ẹ̀ṣọ́ kankan ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́!

Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, "orúkọ tí a sọ fún un lórí fóònù". Háṣítáàgì kì í gbé inú fóònù nìkan. Ẹnu ni a fi ń sọ ọ́ fún ara wa nínú ọkọ̀ ojú omi, lórí rédíò, nínú ìpàdé. Ta ni yóò sọ ìgbì omi lẹ́nu? Bí a bá tilẹ̀ ní "fi ìgbì sí i láàárín", ìgbì wo ni? Kì í ṣe gbogbo fóònù ni ó ní gbogbo àwòrán, pàápàá àwọn fóònù àtijọ́. Ẹ wo àwòrán ahéré, 🛖. Ọdún 2020 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í kún àwọn ìmójì. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò rí àpótí òfìfo níbi tí ẹ rò pé ẹ ya ahéré sí. Kò lè kà á, kò sì lè tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí fóònù wọn ti pẹ́ ni ó pọ̀ jù ní etí omi.

Mo tún fẹ́ kí a ronú nípa àwọn tí ń fi etí kàwé. Bàbá olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ní àdúgbò mi. Ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìròyìn kan kọjá òun. Ó tan ẹ̀rọ ìkàwé inú fóònù rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ TalkBack lórí Android tí ó sì ń jẹ́ VoiceOver lórí iPhone, fóònù a sì máa ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀ sí i létí. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í. Ìkéde ìpàdé ìlú ni ó ń gbọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti fi ojú tí ń sunkún márùn-ún tẹ̀lé háṣítáàgì rẹ̀. Fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ orúkọ àwòrán náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé ojú tí ń sunkún kíkankíkan, ojú tí ń sunkún kíkankíkan, títí ó fi pé márùn-ún. Bàbá ní, "Mo ti gbọ́ pé wọ́n ń sunkún. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ ṣèpàdé?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ìmójì ní orúkọ, ẹ̀rọ ìkàwé a sì máa pe orúkọ náà lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Bí ẹ bá fi í sáàárín ọ̀rọ̀, ó ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì létí ẹni tí ń gbọ́, "Okun", lẹ́yìn náà orúkọ ìgbì ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà "Ilaje". Bí ẹ bá fi ọ̀kan ṣoṣo sí ìparí, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun kan tí ń ran etí àti ojú lọ́wọ́ ju ìmójì lọ ni lẹ́tà ńlá. Ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú háṣítáàgì. Nígbà tí a jí àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé Chibok gbé ní ọdún 2014, #BringBackOurGirls ni gbogbo ayé kọ. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, kò sí àlàfo, síbẹ̀ ojú kò kọsẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́tà ńlá kì í sì í pín ìsọ̀. #okunilaje àti #OkunIlaje, ojú kan náà ni wọ́n ń gbé ènìyàn dé.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé ìmójì kò wúlò rárá ni?" Ó wúlò. Ẹ rántí oṣù Òkítóbà ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà dìde lòdì sí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS. #EndSARS ni wọ́n kọ, lẹ́tà méje péré. Nígbà tí ariwo náà délé dóko, Jack Dorsey, ẹni tí ó jẹ́ olórí Twitter nígbà náà, kéde pé àwọn ti ṣe àwòrán kan fún un, ẹ̀ṣẹ́ tí a nà sókè ní àwọ̀ àsíá Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n fi í sí. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ àwòrán kankan. Ẹni tí ó bá kọ #EndSARS lásán, ẹ̀ṣẹ́ náà a yọ fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Orúkọ ìsọ̀ kò yí padà, nítorí náà ohun tí a kọ kí àwòrán tó dé àti ohun tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀ wà lójú kan náà. Àwọn tí ó ni ilé gan-an mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ni àyè àwòrán.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀kọ́ kan wà fún ẹ̀yin nìkan. Ìtumọ̀ àwòrán kì í ṣe ọ̀kan náà káàkiri. Ikàn tí a ń jẹ kò ní ẹ̀gàn kankan lọ́dọ̀ wa, a sì máa ń gbé e kalẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ti sọ àwòrán rẹ̀, 🍆, di àdàpè ìhòòhò ọkùnrin. Ní ọdún 2015 tí Instagram ṣí ilẹ̀kùn háṣítáàgì fún ìmójì, kíá ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ èyí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá wá a kò rí nǹkan kan. Ìyá oníkàn tí ó bá gbé ọjà rẹ̀ sábẹ́ àwòrán yẹn nígbà náà ti ti ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ láìmọ̀. Bí ó bá kọ "ikàn tútù" ní lẹ́tà, kò sí ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Èmi kò sì fẹ́ tan yín. Háṣítáàgì tí a kọ dáadáa kì í ṣe agogo tí yóò pe gbogbo ayé. Adam Mosseri, olórí Instagram, ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé háṣítáàgì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kí ènìyàn púpọ̀ sí i rí ohun tí a gbé jáde. Ní ìparí ọdún 2024, ilé náà tún mú àǹfààní títẹ̀lé háṣítáàgì kúrò, èyí tí ń jẹ́ kí ohun tuntun máa wá bá ènìyàn fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún háṣítáàgì ni kí ẹni tí ó ti ń wá yín lè rí yín. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ó kù nìyẹn, ẹ ò rí i pé orúkọ tí ó rọrùn láti sọ lẹ́nu, láti gbọ́ àti láti tẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ ní?

Ní tìrẹ, àbúrò mi olùkọ́, èyí ni mo dá lábàá. Ẹ kọ ọ́ báyìí láti òní lọ:

```
#OkunIlaje 🌊
```

Ẹ fi àlàfo kan sáàárín háṣítáàgì àti ìgbì. Àlàfo yẹn ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá lẹ ìgbì mọ́ ìdí ọ̀rọ̀, X yóò gé e kúrò láìṣe yín ní ibi, ṣùgbọ́n Instagram yóò gbé e wọ inú orúkọ, ẹ ó sì tún ti dá ìsọ̀ tuntun sílẹ̀. Ẹ má sì fi àwòrán tẹ̀lé # gbọnrangandan, bíi #🌊Ilaje, nítorí pé lórí X, kò ní di háṣítáàgì rárá. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ fi ìka tẹ ohun tí ẹ kọ. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá di búlúù, tàbí bí búlúù bá kọjá ibi tí ẹ fẹ́ kí ó dúró, ẹ ti rí àṣìṣe yín. Bí ó bá sì gbé yín lọ sáàárín àwọn àjèjì, ẹ yan orúkọ mìíràn.

Ní ti àwòrán 64 tí ó ti lọ, ẹ kò ní láti yà wọ́n lọ́tun. Ti Instagram, ẹ ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ ṣe. Ti X, ẹ fèsì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yín fúnra yín, kí ẹ kọ háṣítáàgì tuntun náà sínú èsì, ẹni tí ó bá rí èsì yóò rí àwòrán lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni fún ẹni mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ pe akọ̀ròyìn yẹn padà. Ẹ sọ orúkọ náà fún un lẹ́nu, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ó bá lè tẹ̀ ẹ́ láìbi yín ní ìbéèrè kankan, tí ó sì rí àwòrán 64, ẹ ti mú un dára.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ yín ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, àwòrán kékeré kan ni ó pín in sí mẹ́rin. Ẹ kọ̀wé sí mi bí ó bá ti já sí, èmi náà yóò sì sọ fún àwọn òǹkàwé wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.